Wọ́n fi káàdì mi gba owó lẹ́nu ẹ̀rọ tí n kò dé rí: kí ni kí n ṣe ní báǹkì?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Aṣọ ni mò ń tà ní Kétu. Ní àárọ̀ Sátidé, mo rí i lórí fóònù mi pé wọ́n ti yọ 200 000 fràǹkì lẹ́ẹ̀mejì nínú àkáǹtì mi, lẹ́nu ẹ̀rọ kan ní Kùtọnu, ní aago 23:51 àti aago 00:04. Káàdì mi kò kúrò nínú àpò mi. Ẹni tí mo bá ní báǹkì sọ pé nọ́mbà àṣírí mi ni wọ́n tẹ̀, nítorí náà èmi ni mo gba owó. Owó àwọn tó kó ọjà fún mi ni. Báwo ni mo ṣe lè rí i gbà, ṣé wọ́n sì lè dá a padà fún mi kí ìwádìí tó parí?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ìyá wa. Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká rí irú rẹ̀ mọ́. Bí ẹ kò bá tíì ní kí wọ́n ti káàdì náà pa, ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ pe nọ́mbà tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ tó máa ka ìdáhùn yìí lọ. Òfin 15/2002, tó ń darí ọ̀nà ìsanwó ní gbogbo orílẹ̀-èdè UEMOA tó jọ ń ná fràǹkì wa yìí, gba oníkáàdì láàyè láti dá káàdì rẹ̀ dúró bó bá sọnù, bí wọ́n bá jí i, tàbí bí ẹnì kan bá ń fi jìbìtì lò ó. Ìkẹta yìí ni ọ̀ràn tiyín, nítorí náà ẹ má gbà bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé káàdì tí kò sọnù kò ṣeé tì pa. Ẹ gba nọ́mbà tí wọ́n fi kọ ìpè yín sílẹ̀, kí ẹ sì kọ ọjọ́ àti wákàtí rẹ̀. Ẹ má gé káàdì náà o, ẹ má sì dá a nù, nítorí òun gan-an ni ẹ̀rí yín. Bí báǹkì bá gbà á lọ́wọ́ yín, ẹ gba ìwé pé wọ́n gbà á.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ fún yín ní báǹkì, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń padà sílé lọ́wọ́ òfo. Òótọ́ ni pé nọ́mbà àṣírí tí wọ́n tẹ̀ bá káàdì mu, ṣùgbọ́n nọ́mbà kì í sọ ọwọ́ ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Ohun tó yẹ kí ẹ béèrè ni ọ̀nà tí ẹ̀rọ náà gbà ka káàdì. Ẹ mú káàdì yín kí ẹ wò ó: níwájú rẹ̀, irin pẹlẹbẹ kékeré kan wà tó ń dán bíi wúrà, lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀já dúdú kan gba ibẹ̀ kọjá. Ọ̀já dúdú yẹn ṣeé dà kọ. Àwọn olè máa ń lẹ ohun kan mọ́ ẹnu ẹ̀rọ tó ń da ohun tó wà lórí ọ̀já náà kọ bí ẹ ti ń ti káàdì bọ̀ ọ́, wọ́n á sì fi kámẹ́rà kékeré kan sí òkè ibi tí ẹ ti ń tẹ nọ́mbà. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á kọ ọ́ sórí káàdì mìíràn, wọ́n á lọ fi gba owó níbòmíràn, tiyín á sì wà nínú àpò yín láìmira. Irin iwájú yẹn kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí àmì tuntun ló ń ṣe fún báǹkì ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá lò ó, kò sì rọrùn láti ṣe ẹ̀dà rẹ̀.

Ọ̀nà tí ẹ̀rọ gbà ka káàdì máa ń wà nínú àkọsílẹ̀ báǹkì fún owó kọ̀ọ̀kan. Bí nọ́mbà tí wọ́n fi kọ ọ́ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 05, irin iwájú ni ẹ̀rọ kà. Bó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 90, ọ̀já ẹ̀yìn ni. Bó bá jẹ́ 80, irin ni ẹ̀rọ fẹ́ kà, kò rí i kà, ó sì padà sí ọ̀já. Bí wọ́n bá rí 90 tàbí 80 lórí káàdì tó ní irin bíi tiyín, ọ̀rọ̀ ẹ̀dà ti wọlé, báǹkì kò sì lè fi nọ́mbà àṣírí nìkan pa yín lẹ́nu mọ́. Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ fún yín: bó bá jẹ́ 05 ni wọ́n rí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé káàdì yín gan-an ló dé iwájú ẹ̀rọ náà. Ní irú ìyẹn, kí ẹ tó fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni, ẹ kọ́kọ́ rò ó dáadáa, ta ló mọ nọ́mbà yín, ta ló sì lè mú káàdì nínú àpò kó sì dá a padà. Bó bá jẹ́ ará ilé tó mọ nọ́mbà náà ló gbà á, báǹkì kò ní san án.

Wákàtí tí ẹ dárúkọ ń sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́tàlá ló wà láàárín owó méjèèjì, ọ̀gànjọ́ sì bọ́ sáàárín wọn. Káàdì kọ̀ọ̀kan ló ní iye tí kò gbọ́dọ̀ kọjá lóòjọ́, ọjọ́ tuntun sì máa ń bẹ̀rẹ̀ lórí ẹ̀rọ ọ̀pọ̀ báǹkì ní kété tí agogo bá lu méjìlá òru. Ẹni tó bá ń kánjú kó owó olówó ló ń gba ẹ̀kún iye náà kó tó di ọ̀gànjọ́, kó tún gba ẹ̀kún rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ wo ìwé àdéhùn káàdì yín: bí 200 000 bá jẹ́ òpin tiyín lóòjọ́, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é. Bí ẹ bá fi káàdì náà gba owó ní Kétu ní alẹ́ Jímọ̀ọ̀ tàbí ní kùtù Sátidé, ẹ kọ ìyẹn náà, nítorí Kétu sí Kùtọnu ju ọgọ́rùn-ún kìlómítà lọ. Ẹ tún kọ gbogbo ẹ̀rọ tí ẹ ti lo káàdì náà ní oṣù méjì tó kọjá, ní Kétu, ní Pobẹ̀, ní Àjàṣẹ́, níbi yòówù tó jẹ́. Bí oníbàárà mìíràn bá ti ké irú igbe yìí, ẹ̀rọ tí ẹ jọ lò ni wọ́n máa fi mọ ibi tí wọ́n ti da káàdì kọ.

Ẹnu kò tó nínú ọ̀ràn yìí, ìwé ni kí ẹ kọ. Ẹ ní kí ẹni tó gbọ́ Faransé dáadáa bá yín kọ ọ́, ṣùgbọ́n kí ohun tó wà nínú rẹ̀ rí báyìí:

"Èmi, oníàkáǹtì nọ́mbà báyìí, ń kọ̀wé láti sọ pé n kò mọ ohunkóhun nípa 200 000 fràǹkì méjì tí wọ́n yọ lẹ́nu ẹ̀rọ báyìí ní Kùtọnu, ní aago 23:51 ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ àti aago 00:04 ọjọ́ Sátidé. Káàdì mi wà lọ́wọ́ mi ní Kétu ní wákàtí náà, n kò fi lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, n kò sì sọ nọ́mbà àṣírí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Mo ti ní kí wọ́n tì í pa, nọ́mbà ìpè mi nìyí. Mo bẹ̀ yín kí ẹ fi ìwé sọ fún mi bóyá irin káàdì ni ẹ̀rọ náà kà tàbí ọ̀já ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ tọ́jú àwòrán kámẹ́rà ẹ̀rọ náà láti aago 23:40 sí 00:15 kó tó parẹ́, kí ẹ sì dá 400 000 fràǹkì àti owó iṣẹ́ tí ẹ yọ lórí rẹ̀ padà sínú àkáǹtì mi fún ìgbà díẹ̀, títí ìwádìí yóò fi parí."

Gbólóhùn tó bá jẹ́ òtítọ́ nìkan ni kí ẹ fi síbẹ̀. Bí ẹ bá ti sọ nọ́mbà yín fún ọmọ yín rí, ẹ má kọ pé ẹ kò sọ ọ́, nítorí bí irọ́ kan bá hàn, wọn kò ní ka ìyókù sí. Ẹ kọ ìwé náà ní ẹ̀dà méjì, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sórí èyí tí ẹ máa mú padà sílé. Òǹtẹ̀ yẹn ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ti rò lọ. Bí ẹ̀rọ náà bá jẹ́ ti báǹkì yín, àwọn fúnra wọn ni wọ́n ni àkọsílẹ̀ àti kámẹ́rà rẹ̀, wọn kò sì ní ìdí láti pẹ́. Bó bá jẹ́ ti báǹkì mìíràn, ẹjọ́ náà máa gba ọ̀dọ̀ GIM-UEMOA ní Dakar, ilé-iṣẹ́ tó so ẹ̀rọ àwọn báǹkì UEMOA pọ̀, tàbí ọ̀dọ̀ VISA, gẹ́gẹ́ bí káàdì yín bá ṣe rí, ìyẹn sì lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Nínú ètò VISA, ọjọ́ 120 ni wọ́n fún báǹkì láti gbé ẹjọ́ jìbìtì lọ bá báǹkì kejì. Ọjọ́ tí ẹ bá fi ń bẹ ẹni tó jókòó lẹ́nu gíṣẹ́ láìkọ̀wé ń lọ nínú 120 náà.

Ní ti owó ìgbà díẹ̀ tí ẹ béèrè, báǹkì kì í gbé e wá fúnra rẹ̀. Àfi kí ẹ béèrè rẹ̀ nínú ìwé, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀. Ìdí tó máa ń wọ̀ wọ́n létí ni ọjọ́ kan pàtó àti iye kan pàtó. Bí àpẹẹrẹ, bí báǹkì náà bá yá yín lówó, tí wọ́n sì máa yọ 75 000 lọ́jọ́ karùn-ún oṣù, ẹ kọ ọ́ pé àkáǹtì kò ní gbé e nítorí owó tí wọ́n jí, kí ẹ sì so ìwé gbèsè ọjà mọ́ ọn. Bí wọ́n bá kọ̀ láti dá gbogbo rẹ̀ padà, ẹ béèrè ìdajì. Bí wọ́n bá kọ ìyẹn náà, ẹ ní kí wọ́n má ka èlé lórí ohunkóhun tí àkáǹtì náà bá jẹ títí ìwádìí yóò fi parí. Èyí kì í ná báǹkì ní nǹkan púpọ̀, ó sì rọrùn fún ọ̀gá ẹ̀ka láti fọwọ́ sí.

Bí wọ́n bá fún yín, ẹ mọ̀ pé owó náà kò tíì di tiyín. Wọ́n lè mú un padà ní ọjọ́ tí ìwádìí bá dá yín lẹ́bi, bí ẹ bá sì ti ná an, àkáǹtì yín yóò wọ gbèsè, èlé yóò sì bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n máa fi ìwé tó yín létí kí wọ́n tó mú un. Ẹ ka ohun tí wọ́n bá ní kí ẹ fọwọ́ sí dáadáa: nígbà mìíràn, wọ́n máa ń fún oníbàárà ní apá kan owó, pẹ̀lú ìwé tó sọ pé ó ti gbà pé ẹjọ́ ti parí. Ìyẹn yàtọ̀ sí owó ìgbà díẹ̀, ẹ má fọwọ́ sí i bí ẹ kò bá fẹ́ fi ìyókù sílẹ̀.

Ẹ lọ fi ọ̀ràn náà tó ọlọ́pàá létí ní Kétu pẹ̀lú, kí ẹ gba ẹ̀dà ìwé ẹjọ́, kí ẹ sì mú un lọ sí báǹkì. Báǹkì kò ní fi àwòrán kámẹ́rà han oníbàárà, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ fún ọlọ́pàá àti adájọ́ bí wọ́n bá kọ̀wé béèrè rẹ̀.

Bí ọ̀sẹ̀ bá ń gorí ọ̀sẹ̀ tí ẹ kò rí èsì, ẹ kọ̀wé sí ẹ̀ka tó ń gbọ́ ẹ̀sùn oníbàárà ní olú ilé-iṣẹ́ báǹkì yín, kí ẹ so ẹ̀dà tó ní òǹtẹ̀ mọ́ ọn. Bí wọ́n bá tún dákẹ́, ẹ kọ̀wé sí ọ́fíìsì BCEAO, báǹkì àgbà gbogbo UEMOA, ní Kùtọnu. Bí èsì wọn bá sì jẹ́ "nọ́mbà àṣírí ni wọ́n tẹ̀" nìkan, láìsọ bóyá irin ni ẹ̀rọ kà tàbí ọ̀já, wọn kò tíì dáhùn ohun tí ẹ béèrè. Ẹ kọ ìbéèrè kan náà padà sí wọn, kí ẹ sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí BCEAO.