Wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí o bá ti gbà fún un

"Ẹ̀yin àgbà, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Oṣù méje ni èmi àti ọ̀rẹ́kùnrin mi ti ń fẹ́ra ní Gwarinpa níbí. Ó ń jowú gan-an, ó ní ìfẹ́ ló ń ṣe òun. Ní báyìí ó fẹ́ kí n máa fi ibi tí mo wà han òun lórí fóònù tọ̀sán-tòru. Ṣé ọkàn rẹ̀ ni kò balẹ̀, àbí kí n tètè sá?"

Àbúrò mi, má tíì fi bí owú náà ṣe pọ̀ tó dá a lẹ́jọ́. Ọkùnrin méjì tó ń jowú ni mo ti fẹ́ ní Àbújá yìí. Èyí tó máa ń gbaná jẹ nínú wọn ló wá di ọkọ mi. Èyí tó ń rọra sọ̀rọ̀, tó ń pè mí ní adé orí òun, ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ayé mi jẹ́.

Kubwa ni mò ń gbé nígbà náà, Wuse ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ó ní kí n máa pe òun bí mo bá ti dé ibi iṣẹ́. Inú mi tiẹ̀ dùn sí i, nítorí ẹ̀rù àwọn ọkọ̀ wan-ṣáàǹsì ń ba gbogbo wa. Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, ìpè lásán ò tó mọ́, àfi kí n fi fídíò pè é kó lè rí tábìlì mi. Mo ṣe é. Ó wá bi mí pé ta ni ọkùnrin tí òun ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn mi. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ wa máa ń gbé àwa mẹ́ta lọ sílé ní Kubwa. Ó ní kí n má wọ ọkọ̀ yẹn mọ́, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í dúró nínú òjò ní Bẹ́ígà. Lẹ́yìn èyí ló kan ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Nyanya, pé kò gbọdọ̀ wá kí mi. Nígbà tó yá, ó ní kí ni èmi àti ìyá mi ń sọ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́.

Ibẹ̀ ló yẹ kí ojú mi là. Ìyá mi kì í ṣe àlè mi. Bí owú bá ti dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò lè gba obìnrin lọ́wọ́ ọkùnrin, kì í ṣe àlè ni onítọ̀hún ń bẹ̀rù mọ́. Kò fẹ́ kí o ní ẹlòmíràn láyé ni.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo ṣí Linked devices lórí Wasáàpù mi, níbi tó ti ń fi àwọn ẹ̀rọ mìíràn tí Wasáàpù mi ṣí sílẹ̀ sí hàn, mo rí "Google Chrome (Windows)" níbẹ̀. Èmi ò ní kọ̀ǹpútà. Gbogbo bó ṣe máa ń bi mí pé "ta lo bá sọ̀rọ̀ lónìí?", ó ti ka ìdáhùn rẹ̀ tán, ó ń wò ó bóyá màá purọ́ ni. Nígbà tí mo bi í léèrè, ó gba kọ́kọ́rọ́ ilé lọ́wọ́ mi, ó sì dúró sẹ́nu ọ̀nà títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ọkọ mi ńkọ́? Obìnrin kan ti dà á rí. Ó rí i tí oníbàárà mi kan fi àwòrán ọkàn ránṣẹ́ sí mi, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó pariwo, ó jókòó, ó wá ní, "Ohun tójú mi ti rí ló ń ṣe mí, kì í ṣe ìwọ." Mo fi ọ̀rọ̀ náà hàn án, ó kà á, ó dá fóònù padà fún mi. Ó tún ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó rẹ̀ mí, mi ò ní parọ́, ṣùgbọ́n kò fìgbà kankan ní kí n yọ ẹnikẹ́ni kúrò nínú ayé mi, òun fúnra rẹ̀ ló sì lọ bá pásítọ̀ wa pé kó ran òun lọ́wọ́. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, ìdáhùn máa ń fi í lọ́kàn balẹ̀. Ẹni tó fẹ́ máa darí rẹ, ohun tí o bá gbà fún un lónìí ni yóò dúró lé lórí láti béèrè tọ̀la.

Nítorí náà, kọ̀ láti ṣe ohun kékeré kan fún un níbi tí èèyàn wà nítòsí. Sọ pé, "Mi ò ní ṣí ibi tí mo wà sílẹ̀, ṣùgbọ́n màá pè ọ́ bí mo bá délé." Má wo ojú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni lè bínú. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta tó tẹ̀ lé e ni kí o wò: ṣé ọ̀rọ̀ náà rọlẹ̀, àbí ó ń yọjú síbi iṣẹ́ rẹ láìsọ tẹ́lẹ̀, tó ń sọ pé òun máa pa ara òun?

Bó bá ti nà ọ́ rí, tàbí tó ti fún ọ lọ́rùn, má dán an wò rárá. Má sì yọ ẹ̀rọ rẹ̀ kúrò lórí Wasáàpù rẹ nígbà tí o ṣì wà lọ́dọ̀ rẹ̀, nítorí yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Kọ́kọ́ ya àwòrán ohun tó wà lójú fóònù, fi fóònù ẹlòmíràn pe ẹbí, kí o sì kúrò níbẹ̀. Ní Àbújá níbí, òfin ọdún 2015 tó lòdì sí ìwà ipá ka fífi ipá ya èèyàn kúrò lára ẹbí àti ọ̀rẹ́ sí ẹ̀ṣẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ṣíṣọ́ èèyàn kiri. Ilé ẹjọ́ gíga lè fún ọ ní àṣẹ ààbò, àjọ NAPTIP ló sì ń bójú tó òfin náà.

Jọ̀wọ́, kọ orúkọ àwọn tí o máa ń bá sọ̀rọ̀ ní oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn sílẹ̀, kí o fagi lé àwọn tí o ti dákẹ́ sí nítorí rẹ̀. Bí ìyá rẹ bá wà nínú wọn, pè é lálẹ́ òní.