Aago ní 800, ìṣirò ní 245: èwo ni kí n gbà?

Ìbéèrè: Kóòṣì, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń gun àtẹ̀gùn ọ́fíìsì wa n'Íbàdàn torí mo fẹ́ lọ gun Kilimanjáró lọ́dún tó ń bọ̀. Stẹ́pù 72 ló wà láti ìsàlẹ̀ dé àjà kẹrin, kọ̀ọ̀kan ga tó sẹ́ńtímítà 17. Mo máa ń gùn ún nígbà 20 ní wákàtí kan, sẹ́kọ́ndì 55 ni mo fi ń gòkè lẹ́ẹ̀kan. Ìṣirò mi fún mi ní mítà 245, aago ọwọ́ mi ní mítà 800 ní wákàtí kan. Èwo ni kí n gbà, kí ló sì ń sọ nípa mi?

Ìdáhùn: Àwọn méjèèjì tọ̀nà, ohun tí wọ́n ń wọ̀n ló yàtọ̀. 245 yẹn ni gbogbo òkè tẹ́ ẹ gùn nínú wákàtí náà, tó fi mọ́ ìgbà tẹ́ ẹ fi sọ̀ kalẹ̀, tẹ́ ẹ fi mumi, tẹ́ ẹ fi dúró kí ẹni tó ń bọ̀ kọjá. Aago ò bá yín ka gbogbo ìyẹn, ìgbà tẹ́ ẹ bá ń gòkè nìkan ló ń wò, ó rí mítà 12 àti díẹ̀ ní sẹ́kọ́ndì 55, ó wá sọ pé tẹ́ ẹ bá lè lọ bẹ́ẹ̀ títí wákàtí kan fi pé, 800 ló máa jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ẹ ò lọ bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan. Sẹ́kọ́ndì 55 lọ́nà 20, ìṣẹ́jú 18 àti díẹ̀ péré lẹ fi gòkè, ìṣẹ́jú tó lé ní 40 tó kù, ẹ ń sọ̀ kalẹ̀ tàbí ẹ ń sinmi ni.

Òkè kúkúrú sì máa ń pọ́n èèyàn lé. Láàárín ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, agbára tó ti wà nílẹ̀ nínú iṣan ni ẹsẹ̀ ń ná, ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ò tíì bá a dé, kí wọ́n sì tó bá a, ẹ ti dé òkè ẹ ti yíjú padà. Torí ẹ̀ ni mi ò ṣe ń fi nọ́ńbà orí àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́rin wé ti ẹni tó gun òkè ńlá fún ìdajì wákàtí láìdúró.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ máa kọ sílẹ̀ ni sẹ́kọ́ndì gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ gòkè, látorí àkọ́kọ́ dórí ìkẹyìn. Tí ti àkọ́kọ́ bá jẹ́ 50 tí ti ìkẹyìn wá di 70, a jẹ́ pé ẹ bọ́ láti bíi 880 sí 630, aago lè kó gbogbo ẹ̀ pọ̀ kó tún máa pè é ní nọ́ńbà kan tó dùn-ún gbọ́, àmọ́ ẹ ti sáré jù níbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní 75 tó sì parí ní 77 wù mí jù ú lọ.

Ẹ wá wo ibi tẹ́ ẹ ń lọ gan-an. Alẹ́ tí wọ́n ń gun orí Kilimanjáró, láti Barafu, ibùdó tí wọ́n ti ń gbéra, tó ga ní nǹkan bíi mítà 4,670, dé Uhuru, ṣóńṣó òkè náà, tó jẹ́ 5,895, òkè tó wà níbẹ̀ ò ju bíi 1,200 lọ, wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ lọ̀pọ̀ èèyàn sì fi ń gùn ún, ìyẹn mítà 150 sí 200 ní wákàtí kan. Ẹ ti ń ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ n'Íbàdàn! Àmọ́ afẹ́fẹ́ tó wà lókè yẹn ò ju bíi ìdajì ti ìsàlẹ̀ lọ, 800 yín ò sì lè sọ bí ara yín ṣe máa gbà á, kò sí àtẹ̀gùn tó lè sọ ọ́. Ohun tó lè sọ ni bóyá ẹsẹ̀ yín á lè ṣiṣẹ́ fún wákàtí mélòó kan láìdákẹ́.

Nítorí náà ẹ dín eré kù. Ẹ jẹ́ kí gígòkè gba sẹ́kọ́ndì 90, ìyẹn bíi mítà 490 ní wákàtí kan, kẹ́ ẹ ṣì lè bá èèyàn sọ̀rọ̀ gbólóhùn kan tán láìmí gulegule, kẹ́ ẹ yíjú padà lókè láìdúró. Ẹ fi ẹsẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ o, kódà tí lífíìtì bá ń ṣiṣẹ́, torí lẹ́yìn Uhuru, ìsàlẹ̀ tó ju mítà 2,500 lọ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń sọ̀ lọ́jọ́ kan náà, ibẹ̀ ni itan ti ń dá wọn lóró. Ẹ má fi ọwọ́ fa irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn, torí mítà ò ní yí padà àmọ́ iṣẹ́ ẹsẹ̀ á ti dín kù, ẹ ò sì ní mọ̀.

Tẹ́ ẹ bá ti lè ṣe é fún wákàtí kan àtààbọ̀ tí 90 ò sì kọjá 95, ẹ gbé báàgì kílò mẹ́rin sẹ́yìn, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ka sẹ́kọ́ndì látìbẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà tó bá jáde pẹ̀lú báàgì, ẹ má fi wé ti ọjọ́ tẹ́ ò gbé nǹkan kan, ìwé ọ̀tọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí.