Àkọlé ímeèlì tó sọ iṣẹ́ àti gbèdéke rẹ̀

"Mo ń kọ ímeèlì sí àwọn ẹ̀ka wa, wọn kì í fèsì títí ọjọ́ á fi kọjá. Báwo ni kí n ṣe kọ àkọlé rẹ̀?"

Ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe ṣáájú, kí gbèdéke rẹ̀ tẹ̀lé e, kí orúkọ ọ̀rọ̀ náà wá kẹ́yìn.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni mí ní Adó-Èkìtì. Nígbà tí a fẹ́ dá àwọn akápò ẹ̀ka lẹ́kọ̀ọ́, tí àyè ò pọ̀, àkọlé tí mo kọ ni "Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn akápò ẹgbẹ́ wa". Ìsàlẹ̀ pátápátá, nínú ìpínrọ̀ kẹrin, ni mo kọ gbèdéke sí. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, akápò wa ní Ọ̀múò pè mí: "Bọ̀dá, mo rí i o. Mo rò pé ẹ kàn fi ń tó wa létí ni, mo ní màá kà á tí mo bá ráyè." Àyè ti kún. Ìyá yìí gan-an ló sì nílò ẹ̀kọ́ náà jù. Ó dùn mí títí di òní.

Ohun tí mò ń kọ báyìí nìyí:

"Ẹ fi orúkọ 1 ránṣẹ́, ó parí Jímọ̀ 14 Júùnù, 4 ìrọ̀lẹ́: ẹ̀kọ́ akápò"

Ojú fóònù kì í gba àkọlé gígùn, á gé ìparí rẹ̀ dànù. Tó bá gé tèmi, "ẹ̀kọ́ akápò" ló máa lọ, iṣẹ́ àti ọjọ́ á ṣẹ́kù. Ẹ fi ránṣẹ́ sí fóònù tiyín ná, kí ẹ wo ibi tó gé e dé.

Ẹ má kọ "lọ́la". Ẹni tó bá rí i lọ́jọ́ kejì á ka ọjọ́ mìíràn. Ẹ sì ṣọ́ra fún "kí ó tó di Jímọ̀": akápò Ìkọ̀lé gbà pé Jímọ̀ wà nínú ẹ̀, ti Ìjerò ní Ọjọ́bọ̀ ló parí. Ẹ kọ "ó parí Jímọ̀", kí ẹ fi déètì àti aago sí i.

Tí ọjọ́ bá sún, ẹ má kàn fèsì sábẹ́ èyí àkọ́kọ́. Àkọlé àtijọ́ á tún jáde pẹ̀lú "Re:" níwájú, ọjọ́ tó ti kọjá ni wọ́n á máa rí. Ẹ kọ ọ̀tun: "Ọjọ́ ti sún sí Mọ́ńdè 17 Júùnù, 4 ìrọ̀lẹ́: orúkọ akápò".

Èyí tí kò bá sì nílò èsì, èmi máa ń fi "Fún ìmọ̀ yín, kò sí èsì" bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Láti ìgbà náà, tí akápò Ọ̀múò bá ti rí "ó parí" lókè, ojú ẹsẹ̀ ló ń ṣí i.