Ìdánwò tó ń yọ máàkì: ká méfò ni, àbí ká fi í sílẹ̀?

"Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí o. Ìdánwò tí mo fẹ́ ṣe máa ń yọ máàkì téèyàn bá ṣì í. Ẹnìkan ní kí n fi gbogbo èyí tí kò bá dá mi lójú sílẹ̀, ẹlòmíì ní kí n ṣáà máa ṣéèdì lọ. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀?"

Àbúrò, ìmọ̀ràn méjèèjì yẹn ló ti kó bá mi rí, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì.

Nígbà àkọ́kọ́, ìbéèrè 100 ni, ìdáhùn mẹ́rin mẹ́rin ló wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Téèyàn bá gbà á, ó ní máàkì 1. Tó bá ṣì í, wọ́n á yọ ìdá kan nínú mẹ́ta máàkì kan. Tó bá fi í sílẹ̀, kò jèrè, kò pàdánù. Máàkì 50 lèèyàn gbọ́dọ̀ ní kó tó yege. Ẹ̀rù yíyọ yẹn bà mí débi pé 58 péré ni mo ṣéèdì, mo fi 42 sílẹ̀ lófìfo. Mo gba 48 nínú 58 yẹn, mo ṣi 10. Tí wọ́n bá yọ 3.33 kúrò nínú 48, 44.67 ló kù. Mo fìdí rẹmi.

Wọ́n gbà ká mú ìwé ìbéèrè lọ sílé. Nígbà tí inú mi rọ̀ díẹ̀, mo ṣí i. Nínú 42 tí mo fi sílẹ̀, mo rí 24 tí mo ti fi pẹ́ńsù fa igi lé ìdáhùn méjì lórí. Ìyẹn ni pé mo ti mọ̀ pé B àti D kọ́, mi ò kàn mọ èwo ni nínú A àti C. Ká ní mo dijú yan ọ̀kan nínú méjèèjì ni, bí mo ṣe lè gba 12 ni mo ṣe lè ṣi 12. Mo á jèrè 12, wọ́n á yọ 4, máàkì 8 á kù sí mi lọ́wọ́. Fi 8 kún 44.67, ó di 52.67. Mo ti yege, èmi náà ni mo fi máàkì mi sílẹ̀ sórí tábìlì.

Láti ìgbà náà, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bi ara mi ni pé ìdáhùn kan tó tọ̀nà lè san gbèsè àṣìṣe mélòó? Tó bá jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta ni wọ́n ń yọ, ẹyọ kan tó tọ̀nà ń san ti mẹ́ta tí mo ṣì. Nítorí náà, tí mo bá lè gba ẹyọ kan nínú mẹ́rin, gbèsè ti pé, mi ò jẹ, mi ò sì jèrè. Ìdáhùn mẹ́rin tí mi ò mọ nǹkan kan nípa wọn rárá, ibi tí méfò máa ń já sí náà nìyẹn: bákan náà. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti lè yọ ẹyọ kan péré kúrò pẹ̀lú ìdí tó gún, ó di ọ̀kan nínú mẹ́ta, èrè ti wọlé.

Wọ́n sábà máa ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣètò rẹ̀ kí méfò lásán má bàa mú nǹkan wá. Ìdánwò SAT tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì ní Amẹ́ríkà náà ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀: ìdáhùn márùn-ún, wọ́n á yọ ìdá kan nínú mẹ́rin. Ọdún 2016 ni wọ́n pa yíyọ máàkì tì. Àmọ́ kì í fìgbà gbogbo rí bẹ́ẹ̀. NEET tí àwọn tó fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Íńdíà ń ṣe máa ń fúnni ní máàkì 4 tó bá tọ̀nà, ó sì ń yọ 1 tó bá ṣì, ìdáhùn mẹ́rin ló sì wà. Ẹyọ kan ń san gbèsè mẹ́rin níbẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé mẹ́ta péré ni ìdáhùn tí kò tọ̀nà. Ẹni tó ń méfò lásán pàápàá jèrè díẹ̀ tá a bá pín in dọ́gba.

Ìgbà kejì tó kó bá mi wá jẹ́ òdìkejì gbáà. Ìdánwò mìíràn ni, mo fi ìgboyà tuntun wọlé, mi ò ka ojú ìwé àkọ́kọ́ dáadáa. Máàkì 1 gbáko ni wọ́n ń yọ fún àṣìṣe kan. Ẹyọ kan kò lè san ju gbèsè ẹyọ kan lọ níbẹ̀ yẹn. Èyí tí mo ti yọ dé méjì jẹ́ 16: mo gba 8, mo ṣi 8, òfo. Èyí tí mi ò mọ orí mi ò mọ ìdí rẹ̀ jẹ́ 20: mo gba 5, mo ṣi 15. Máàkì 10 tí mo ti fi òógùn wá ló dà nù báyẹn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà sí, tí ìṣirò yìí nìkan kò sì lè fi hàn wọ́n, rèé. "Mo ti yọ ẹyọ kan kúrò" lè jẹ́ irọ́. Ẹni tó kọ ìbéèrè mọ àṣìṣe tí aláàbọ̀-ìmọ̀ máa ń ṣe, àwọn àṣìṣe yẹn gan-an ló fi ń ṣe ìdáhùn èké. Tó o bá yọ èyí tó tọ̀nà dànù nítorí pé kò jọ ìdáhùn lójú rẹ, o ti bọ́ sí ìdẹkùn, o wá burú ju ẹni tó dijú yàn lọ.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo kọ́kọ́ dán ara mi wò. Nígbà tí mo ń fi ìdánwò àtijọ́ ṣe ìfidánrawò nílé, mo máa ń kọ 2 sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí mo yọ dé méjì, mo sì ń kọ 3 sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí mo yọ dé mẹ́ta, mo á wá ṣéèdì gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn ìdánwò márùn-ún, mo kà wọ́n. Àwọn 2 jẹ́ 60, mo gba 36. Tó bá jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta ni wọ́n ń yọ, 36 tí wọ́n yọ 8 kúrò nínú rẹ̀, máàkì 28 ni mo jèrè. Àwọn 3 jẹ́ 40, ó yẹ kí n gba bíi 13, mo gba 11. Èrè rẹ̀ kò ju máàkì kan àti díẹ̀ lọ. Nígbà tí mo wò ó fínnífínní, orí ọ̀rọ̀ kan péré ló ń bà á jẹ́, èyí tó ní nọ́ńbà àti déètì tó jọra. Níbẹ̀, mo gba 1 nínú 12. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá rí i, tí kò sì dá mi lójú, mo fò ó ni.

Èyí tó kù ni ti méfò lásán níbi tí wọ́n ti ń yọ ìdá kan nínú mẹ́ta, tí kì í sábà mú èrè tàbí àdánù wá. Ká ní 12 ló kù níwájú rẹ. O lè gba 5, kí o jèrè máàkì 2.67. O tún lè gba 1 péré, kí o pàdánù 2.67. Tó o bá ti ka èyí tó dá ọ lójú, tó ti kọjá ibi tí wọ́n ti ń yege pẹ̀lú máàkì kan tàbí méjì, fi í sílẹ̀. Tó bá jẹ́ pé máàkì méjì ló ń dín ẹ kù, ṣéèdì gbogbo rẹ̀, ẹni tó bá fìdí rẹmi pẹ̀lú 48 àti ẹni tó fìdí rẹmi pẹ̀lú 45, ìwé kan náà ni wọ́n máa gbà.

Kò tán o: tó o bá fo ìbéèrè 31, wò ó dáadáa pé ìlà 32 lo ti ń ṣéèdì èyí tó tẹ̀ lé e. Ìgbà kan wà tí mo ṣéèdì ìdáhùn mẹ́sàn-án sórí ìlà tí kì í ṣe tiwọn kí n tó mọ̀.