Èéfín náà kanlẹ̀, ó sì kànrun

“Ẹ káàsán o, ẹ̀yin àgbà. Ọmọ ọdún 7 ni mo ń kọ́ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, 40 ni wọ́n nínú kíláàsì mi. Mo fẹ́ máa fi àlọ́ àpamọ̀ ṣe ìdíje láàárín wọn, ṣùgbọ́n àwọn mẹ́ta kan náà ló ń dáhùn lójoojúmọ́, ìyókù kàn ń pariwo ni. Ọmọ mélòó ló yẹ kó wà nínú ẹgbẹ́ kan, báwo ni mo sì ṣe máa ka máàkì?”

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ márùn-ún ni ẹgbẹ́ kan. Ẹgbẹ́ méjì ló ń dojú kọ ara wọn, ìyókù á jókòó yí wọn ká. Bí ẹ ṣe ń pín wọn fún ilẹ̀ gbígbá náà ni kí ẹ pín wọn, kò sí wàhálà níbẹ̀. Máàkì ni wàhálà wà.

Adájọ́ ló ń ba àlọ́ jẹ́, kì í ṣe ọmọ. Wọ́n á rán ẹnì kan wá láti ọ́fíìsì, á mú ìwé dání, àlọ́ wà lápá òsì, ìdáhùn wà lápá ọ̀tún. Ohun tí kò bá ti sí lápá ọ̀tún, òdo ni. Ẹ wo èyí: “Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kanlẹ̀, ó kànrun. Kí ni o?” Ìwé sọ pé òjò ni. Ọmọ kan ní èéfín ni. Ọ̀gá ní rárá, ó kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ yẹn á ṣe panu mọ́ títí wọ́n á fi gba họ́lídè, torí ohun tó kọ́ lọ́jọ́ náà ni pé orí tóun fi ronú kò wúlò, ìwé ọ̀gá ló wúlò.

Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ọmọ náà ṣì í. Àmì mẹ́rin ló wà nínú àlọ́ yẹn: ó jẹ́ ọ̀pá, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó kanlẹ̀, ó kànrun. Èéfín iná kékeré máa ń ta gbọnrangandan bí atẹ́gùn kò bá fẹ́, ọ̀pá nìyẹn. Kò fẹ̀, ó tẹ́ẹ́rẹ́. Ilẹ̀ la dá iná sí, ilẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Bí a bá sì gbójú sókè, a ò rí ibi tó parí sí. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló bá a mu. Kí ló kù? Òjò gan-an kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fún ọmọ yẹn ní òdo, òun gan-an ni kò gbọ́ àlọ́ náà.

Ẹ wá fi wé ti ọmọ tó ní òpó nẹ́tíwọ̀kì ni. Ọ̀pá ni lóòótọ́. Téèyàn bá wò ó láti òkèèrè, ó tẹ́ẹ́rẹ́. Ó kanlẹ̀. Ṣé ó kànrun? Ẹ má sọ fún un pé irọ́ ni. Ẹ bi í léèrè pé, “Ǹjẹ́ o rí orí rẹ̀?” Á ní òun rí i, iná pupa kan ń tàn níbẹ̀ lálẹ́. Ohun téèyàn rí orí rẹ̀ ti parí kó tó dé ọ̀run. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni yóò sọ pé, “Àh, kò kànrun.” Ìṣẹ́jú kan péré ni gbogbo rẹ̀, òun sì ni iṣẹ́ tí ẹ torí ẹ̀ pe ìdíje.

Nítorí náà, bí mo ṣe ń ka máàkì rèé. Mo máa ń fi ọmọ ayò kà á. Ojú 12 ni ọpọ́n ayò ní, mẹ́rin-mẹ́rin lójú kọ̀ọ̀kan, 48 lápapọ̀. Àmì kọ̀ọ̀kan tí ẹgbẹ́ bá ṣàlàyé tó sì mọ́gbọ́n dání, ọmọ ayò kan. Ìdáhùn tó bá gbogbo àmì mu, ọmọ ayò kan lé e. Èéfín gba márùn-ún, òjò gba márùn-ún, òpó nẹ́tíwọ̀kì gba mẹ́ta. Ẹni tó kígbe “òjò!” tí kò lè sọ ìdí, ẹyọ kan péré ló gbà. Ẹ ó rí i bí ariwo ṣe máa rọlẹ̀ lọ́jọ́ kejì, nígbà tí wọ́n bá mọ̀ pé àlàyé lówó ju igbe lọ. Bí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan bá gba àlọ́ mẹ́rin-mẹ́rin, tí ẹ kò sì mú àlọ́ tí àmì rẹ̀ ju mẹ́rin lọ, 40 ni gbogbo ohun tí wọ́n lè gbà pọ̀, ọmọ ayò ọpọ́n kan á tó yín.

Ẹ má lo òkúta o. Ọmọ ọdún méje tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pàdánù mọ ohun tí wọ́n ń fi òkúta ṣe.

Ti àwọn mẹ́ta tó ń dáhùn ṣáá. Ẹ yan ẹnu fún ẹgbẹ́, kí ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀ ní àlọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá mọ ìdáhùn kò gbọdọ̀ sọ ọ́ síta, etí ẹni tó jẹ́ ẹnu fún àlọ́ náà ni yóò sọ ọ́ sí, tòun ti ìdí rẹ̀. Ẹnu ló máa dìde, òun ni yóò ṣàlàyé àmì kọ̀ọ̀kan. Bí ọmọ tó mọ̀ ọ́n kò bá ṣàlàyé fún un yé, ẹgbẹ́ pàdánù ọmọ ayò. Ẹni tó yára á wá di tíṣà fún ẹni tó lọ́ra, tipátipá. Ẹ ka 30 díẹ̀díẹ̀ fún wọn láti fi gbìmọ̀ pọ̀. Bí ẹ bá kà á kù sí 10, ẹni tó yára nìkan ni ẹ ó máa gbọ́.

Ohun míì tó máa ń bí mi nínú ni kí wọ́n pín ìwé àlọ́ fún ọmọ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú kí wọ́n lọ há a sórí. Àwọn ọ̀gá fẹ́ràn rẹ̀ torí àlejò á pàtẹ́wọ́. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ há a sórí, ẹ yí àmì kan padà. Ẹ ní, “Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kanlẹ̀, kò kànrun.” Ẹni tó bá ṣì kígbe òjò kò gbọ́ yín rárá. Ẹni tó gbọ́ á dákẹ́ díẹ̀, á wá ní òpó iná ni, tàbí igi àgbọn.

Ní ti ọ̀rọ̀ tí wọn ò mọ̀, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ tíṣà ń sáré kọjá. “Òrúkú tindí tindí, òrúkú tindì tindì, òrúkú bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò.” Ọmọ tí kò rí tìróò rí, báwo ló ṣe fẹ́ ronú dé ẹ̀wà? Ẹ ra tìróò díẹ̀ lọ́jà, ẹ fi hàn wọ́n, ẹ fi kan ẹ̀yìn ọwọ́ wọn. Ojú ọmọ ńkọ́? Ẹ má dán an wò, ìyá rẹ̀ á wá bá yín. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ pàlọ́. Bí wọ́n bá dáhùn tán, ẹ fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀wà 10 lórí àtẹ́lẹwọ́, kí wọ́n wá ibi tí tìróò wà. Ẹ̀wà funfun olójú dúdú ni kí ẹ mú, ti olóyin kò hàn dáadáa, wọ́n á máa jà yín níyàn. Bí ẹ bá fún wọn ní 10, ẹ gba 10 padà, torí imú ni ẹ̀wà kan máa ń wọ̀. Ẹ má sì wá ìtumọ̀ “tindí tindí” fún wọn, dídún rẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n igba nílò àlàyé: kò sẹ́ni tó kà wọ́n pé 200, pé wọ́n pọ̀ ni.

Bákan náà ni “Awẹ́ obì kan, à jẹ d'Ọ́yọ̀ọ́,” tó jẹ́ ahọ́n. Ọmọ Ṣágámù tí ìyá rẹ̀ ń ta obì mọ awẹ́ kó tó mọ ABD. Ọmọ tiyín ní Ìjẹ̀bú-Igbó lè má mọ̀ ọ́n. Ẹ mú obì àbàtà wá, ẹ là á lójú wọn, kí wọ́n ka awẹ́ rẹ̀. Ẹ má mú gbànja, awẹ́ méjì ló ń ní, kò fi bẹ́ẹ̀ dùn ún kà. Àwọn kan ń yọ Ọ̀yọ́ kúrò, wọ́n ń fi Èkó sí i torí pé ọmọ mọ Èkó. Ẹ fi Ọ̀yọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ sọ fún wọn pé ó jìnnà.

Bí ọmọ bá pe ọmọrógùn ní orógùn, tó pe ẹ̀wà ní erèé, tàbí tó fi ohùn Ìjẹ̀bú ilé wọn dáhùn, ẹ gbà á. Adájọ́ tó bá kọ̀ ọ́, ẹ ní kó lọ kọ́kọ́ jẹun nílé ọmọ náà.

Bí wọ́n bá ti ṣe é fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ máa pilẹ̀ àlọ́ tiwọn. Ẹ gbé ohun kan fún wọn lábẹ́ aṣọ, kí ẹgbẹ́ kejì má rí i. Ká sọ pé ajọ̀ tí wọ́n fi ń jọ gàrí ni. Wọ́n á fọwọ́ kàn án, wọ́n á pa á pé, “Ojú pọ̀ lára rẹ̀, kò ríran.” Ẹgbẹ́ kejì á ní ọ̀pẹ òyìnbó ni. Òótọ́ ni, ojú pọ̀ lára òun náà. Ẹ fún wọn ní ọmọ ayò wọn, kí ẹ wá bi àwọn tó pa á pé kí ni ajọ̀ ń ṣe tí ọ̀pẹ òyìnbó kò lè ṣe. Wọ́n á fikùn lukùn, wọ́n á padà dé: “Ojú pọ̀ lára rẹ̀, kò ríran. A ń da gàrí sí i lẹ́nu, kò yó.” Ọ̀pẹ òyìnbó ti jáde nìyẹn. Bí ẹnì kan bá bèèrè ìdí tí ojú ajọ̀ gàrí Ìjẹ̀bú fi kéré, ẹ jẹ́ kí wọ́n bu gàrí náà wò bó ṣe kúnná.

Àwọn àgbà kan á ní a kì í pàlọ́ lọ́sàn-án. Ẹ má bá wọn jà. Ẹ fi í sí wákàtí tó gbẹ̀yìn, kí ilé ẹ̀kọ́ tó tú.

Ẹ̀yin bèèrè ẹgbẹ́, mo ti ń sọ ti gàrí. Ẹgbẹ́ 8 ni ọmọ 40 máa fún yín. Ẹgbẹ́ méjì lójúmọ́, láti Mọ́ńdè dé Tọ́sìdeè, gbogbo wọn á kàn. Fúráìdeè ni kí ẹ fi pilẹ̀ àlọ́. Àlọ́ 8 kò ní ju 20 ìṣẹ́jú lọ. Bí ẹ bá rí i tí wọ́n ń dùbúlẹ̀ sórí tábìlì, ẹ dá a dúró, kódà bó ku àlọ́ méjì. Kí ẹ sì rí i pé ọmọ ayò 48 pé padà sínú ọpọ́n kí aago tó lù.