Àgbàdo tó di elésè àlùkò: ẹ má da ògùn olú sí i

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Mo ní oko éékà kan lọ́nà Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, n'Íléṣà níbí. Katakata tú u lẹ́ẹ̀mejì, a tún fi háró fọ́ ọ kúnná, ó wà bẹ́ẹ̀ fún bí oṣù kan kójò tó rọ̀ tí mo gbin àgbàdo. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ewé ẹ̀ ń di elésè àlùkò, kò sì ga. Ti ẹni tá a jọ pààlà, tó kàn fàdá ṣánlẹ̀, tutù yọ̀yọ̀. Ẹni tó ń ta ògùn oko ní olú ló wà nínú ilẹ̀ mi, pé kí n ra ògùn tó ń pa á. Báwo ni kí n ṣe pò ó?

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má po nǹkan kan. Olú tí ọkùnrin yẹn ní kẹ́ ẹ pa, òun gan-an ni oko yín ń wá. Àwọn tó ń ta ògùn wọ̀nyí ti bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi nínú, bí wọ́n bá ti gbọ́ olú báyìí, àrùn ni, ẹ mówó wá.

Kì í ṣe olú tí à ń sè lọ́bẹ̀ o. Màìkọ́ráísà là ń pè é. Okùn tín-ín-rín ni, irun orí èèyàn nípọn jù ú lọ bí ìlọ́po 10, ojú lásán ò lè rí i. Ó máa ń wọnú gbòǹgbò àgbàdo, á ya ẹ̀ka wẹ́wẹ́ sínú ẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe pàṣípààrọ̀: olú á gbé fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì wá, ìyẹn oúnjẹ inú ilẹ̀ tó jẹ́ pé bí kò bá tó, ewé àgbàdo á di elésè àlùkò, àgbàdo á sì fún un ní ṣúgà àti ọ̀rá. Nínú 100 ṣúgà tí ewé bá fi oòrùn ṣe, olú lè gba 4 títí dé 20. Owó ńlá nìyẹn, àmọ́ àgbàdo ń san án torí pé fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kì í rìn nínú ilẹ̀. Omi máa ń gbé yúríà kiri, ṣùgbọ́n ti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, irin inú ilẹ̀ pupa wa yìí ti dì í mú. Gbòǹgbò á jẹ èyí tó wà ní mílímítà kan sí méjì sára ẹ̀, ó tán. Okùn olú ló ń kọjá ibẹ̀, tó ń lọ sẹ̀ǹtímítà mélòó kan síwájú, tó ń wọ ihò tí gbòǹgbò ò lè wọ̀.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ katakata. Èrò tó wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé bílẹ̀ bá ṣe kúnná tó loúnjẹ ṣe máa jáde tó. Ohun tó ń tàn wọ́n jẹ ni pé bẹ́ ẹ bá yílẹ̀, ìdọ̀tí inú ẹ̀ á tètè jẹrà, náítírójìn á jáde, oko á kọ́kọ́ dúdú dáadáa. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú ìyẹn. Okùn olú tó ti ta kálẹ̀ láti ọdún tó kọjá, téèyàn bá fi irin gé e wẹ́wẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, bíi wáyà NEPA tí wọ́n gé láàárín àdúgbò ni, òpó ṣì wà, iná ò dé ilé ẹnì kankan. Nínú oko ẹnìkejì yín, àgbàdo hù, gbòǹgbò ẹ̀ kan okùn tó ti wà ńlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ òwò. Tiyín ní láti dúró kí olú tún hù láti ara èso ẹ̀ àti àjákù gbòǹgbò, ọ̀sẹ̀ mélòó kan nìyẹn sì máa gbà. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tó wà nínú hóró àgbàdo fúnra ẹ̀ kì í gbé e kọjá bí ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀yin náà ẹ wo ìgbà tí àwọ̀ yẹn yọ. Oṣù kan tílẹ̀ fi wà láìní koríko kankan tún dá kún un, torí olú yìí ò lè dá jẹun, gbòǹgbò ààyè ló ń bọ́ ọ.

Mi ò tíì rí oko yín o, nítorí náà ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì máa ń bẹ̀rẹ̀ látorí ṣóńṣó àti etí àwọn ewé ìsàlẹ̀. Ẹ hú ìdí kan méjì: bí gbòǹgbò bá ti rà tàbí kòkòrò ti jẹ ẹ́, tàbí omi dúró síbẹ̀, ọ̀rọ̀ míì nìyẹn. Irú àgbàdo míì sì wà tó jẹ́ pé àwọ̀ ẹ̀ nìyẹn, àmọ́ ìyẹn á máa ga dáadáa.

Bó bá jẹ́ ohun tí mo rò, ẹ fi ìdérí ìgò mínírà kan NPK 15-15-15 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí kọ̀ọ̀kan, kó jìnnà díẹ̀ sí igi ẹ̀, kẹ́ ẹ bo yẹ̀pẹ̀ lé e. Ẹ má sọ ọ́ di méjì mẹ́ta, torí bí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì bá pọ̀ jù, àgbàdo á dín ṣúgà tó ń san kù, olú náà á kásẹ̀ nílẹ̀. Ọ̀pọ̀ irú èyí máa ń padà tutù fúnra ẹ̀ bí gbòǹgbò bá ti tàn.

Lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ ṣánlẹ̀, kẹ́ ẹ fi pàǹtí sílẹ̀ lórí ẹ̀, ihò tẹ́ ẹ máa gbin nǹkan sí nìkan ni kẹ́ ẹ gbẹ́. Bẹ́ ẹ bá ti kórè, ẹ gbin ẹ̀wà sí i kí olú rí ibi jẹun. Tẹ̀tẹ̀ ò lè ṣe é, kì í bá olú yìí ṣòwò. Bílẹ̀ bá ti le bí òkúta nísàlẹ̀, mi ò ní kẹ́ ẹ má pe katakata, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan péré, láìsí háró, kẹ́ ẹ sì gbìn kíá.

Bí ewé tuntun bá ṣì ń yọ pẹ̀lú àwọ̀ yẹn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ bu yẹ̀pẹ̀ níbi bíi 15 káàkiri oko, kó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 15, ẹ yẹra fún ibi tẹ́ ẹ fi ajílẹ̀ sí, ẹ pò ó pọ̀, kẹ́ ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń yẹ ilẹ̀ wò, kẹ́ ẹ sì sọ fún wọn pé fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì lẹ fẹ́ mọ̀.