Tẹlifíṣọ̀n ń gbọ́ tèmi, dẹkódà kọ etí ikún

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ọbà-Ilé, l'Ákùrẹ́ níbí, ni mò ń gbé. Àwọn ọmọ mi ra tẹlifíṣọ̀n Google TV fún mi, wọ́n sì fi dẹkódà DStv mi sí i lára. Tí mo bá tẹ bọ́tìnnì máìkì tó wà lórí rìmóòtù, tí mo ní kó gbé ohùn sókè, ó ń ṣe é. Tí mo bá ní kó lọ sí ìkànnì 157, YouTube ló ń ṣí fún mi. Tí iná bá sì lọ tó tún dé, nígbà mìíràn kì í dá mi lóhùn rárá. Kí ni mò ń ṣe tí kò dáa?

Ìdáhùn: Ẹ kú ilé, Màmá. Kò sí ohun tí ẹ ṣe tí kò dáa. Ẹ̀rọ méjì ló wà nínú pálọ̀ yín, ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ni ẹ sì ń bá sọ̀rọ̀. Ohùn tó ń jáde, àti ihò HDMI tí àwòrán ń gbà wọlé, ọwọ́ tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n wà. Ìkànnì 157 kò sí níkàáwọ́ rẹ̀. Dẹkódà ló ń gba ìkànnì yẹn láti inú dííṣì, òun ló sì ń ti àwòrán rẹ̀ gba inú wáyà HDMI bọ̀ wá sójú tẹlifíṣọ̀n. Bóyá bọ́ọ̀lù ni o, bóyá fíìmù ni o, tẹlifíṣọ̀n ò mọ̀. Àwòrán tó ń ti HDMI 1 bọ̀ nìkan ló mọ̀. Nígbà tí ẹ wá dárúkọ ìkànnì tí kò sí nínú ìwé tirẹ̀, ó gbà pé ẹ fẹ́ kí òun bá yín wá a lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni, YouTube ló sì kọ́kọ́ ń bá pàdé.

Ẹ lè fi ojú ara yín rí i. Ẹ pa dẹkódà, kí ẹ fi tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ ní títàn. Ìkànnì yòówù tó bá pòórá, ti dẹkódà ni. Èyí tó bá ṣì wà, bíi ti ẹni tó ki éríà mọ́ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ gan-an, tó sì wá ibùdó OSRC tàbí NTA síbẹ̀, ìyẹn ni tẹlifíṣọ̀n lè fi ohùn yí padà. Àwọn tó ń tà á l'Arákàlẹ̀ kì í sábà la èyí yé oníbàárà. Wọ́n á kàn ní "ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀" ni.

Ẹnìkan lè sọ fún yín pé kí ẹ lọ tan CEC. Òótọ́ ni pé okùn tín-ín-rín kan wà nínú wáyà HDMI tí àwọn ẹ̀rọ fi ń ránṣẹ́ síra wọn. CEC ni wọ́n ń pè é lórí ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n, àmọ́ Samsung pè é ní Anynet+, LG pè é ní SimpLink, Sony sì pè é ní BRAVIA Sync. Ẹ tàn án, ó wúlò: ó lè mú kí tẹlifíṣọ̀n yí sí HDMI 1 fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹ bá tan dẹkódà. Ṣùgbọ́n ẹ má retí pé kó bá yín gbé nọ́ńbà ìkànnì lọ bá dẹkódà. Ọ̀pọ̀ dẹkódà kì í gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láti ibẹ̀.

Ohun tí dẹkódà ń gbọ́ ni rìmóòtù tirẹ̀, ìyẹn ìtànṣán tí ojú wa ò lè rí. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ bo orí rìmóòtù DStv yín, kí ẹ wá tẹ nọ́ńbà kan. Tí dẹkódà ò bá gbọ́, ìtànṣán ló ń lò, ọ̀nà àbáyọ sì wà. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń kọ́ ohun tí rìmóòtù ń sọ, tó sì ń sọ ọ́ padà nígbà tí a bá ní kó sọ ọ́. Èyí tí mo sábà máa ń fi sílé àwọn èèyàn ni BroadLink RM4 mini. Irú mìíràn náà wà. Wáyà USB bíi ti ṣájà fóònù ló fi ń gba iná. Ó ń lo Wáì-Fáì, àmọ́ ti 2.4 GHz nìkan. Bí ráútà yín bá ní orúkọ méjì, tí ọ̀kan parí sí 5G, kì í ṣe ìyẹn ni kí fóònù yín wà lórí rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń so ó pọ̀.

Ẹ gbé e síbi tí yóò ti máa rí iwájú dẹkódà. Bí dẹkódà bá wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù onípákó tó ní ilẹ̀kùn, ìtànṣán ò ní wọlé. Tí ẹ bá sì fi dẹkódà pamọ́ sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n kí pálọ̀ lè mọ́ lójú, ẹ gbé e bọ́ síwájú. Lẹ́yìn náà, nínú áàpù BroadLink lórí fóònù, ẹ jẹ́ kó kọ́ bọ́tìnnì nọ́ńbà láti 0 dé 9 lára rìmóòtù DStv yín, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí ọmọ tó mọ̀ nípa fóònù bá yín ṣe apá yìí, ó gba sùúrù.

Iṣẹ́ gan-an wà níbi tí a ti ń so nọ́ńbà pọ̀. Ẹ jẹ́ ká mú 157 yín. Nínú áàpù náà, ẹ ṣẹ̀dá ohun tí wọ́n ń pè ní scene, kí ẹ sọ ọ́ lórúkọ kúkúrú tí kò jọ orúkọ fíìmù tàbí orin kankan, bíi "Yoruba channel". Ẹ ní kó fi 1 ránṣẹ́, kó dúró díẹ̀, kó fi 5 ránṣẹ́, kó dúró díẹ̀, kó wá fi 7 ránṣẹ́. Ìdúró náà ló ń yọ àwọn èèyàn lẹ́nu. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ẹ sì máa wo igun tí dẹkódà ń kọ nọ́ńbà sí lójú tẹlifíṣọ̀n. Bó bá kọ 17, ó yára jù, dẹkódà ò rí 5 gbọ́. Ẹ fi kún ìdúró náà. Bó bá gbé yín lọ sí 15, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gba 7 gẹ́gẹ́ bí ìkànnì tuntun, ó pẹ́ jù. Ẹ dín in kù. Bí kò bá kọ nǹkan kan, ẹ ṣí kámẹ́rà fóònù, ti iwájú tí ẹ fi ń ya ara yín ló dára jù, kí ẹ dojú rẹ̀ kọ ẹ̀rọ náà bó ṣe ń ránṣẹ́. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà fóònù á rí ìmọ́lẹ̀ bíi àwọ̀ àlùkò tó ń ṣẹ́jú. Tó bá ń ṣẹ́jú, ẹ̀rọ náà ń sọ̀rọ̀, dẹkódà ni kò rí i. Ẹ yí i síbòmíràn.

Tó bá ti gún, ẹ so BroadLink mọ́ Google Home lórí fóònù, pẹ̀lú àkáǹtì Google kan náà tó wà lórí tẹlifíṣọ̀n. Àkáǹtì ọmọ lórí tẹlifíṣọ̀n, tiyín lórí fóònù: ìyẹn ò ní ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tẹ máìkì, kí ẹ sọ pé:

```
Activate Yoruba channel
```

Ẹ ṣe irú rẹ̀ fún ìkànnì mẹ́rin tàbí márùn-ún tí ẹ ń wò jù. Èmi ò rí ìdí tí ẹ fi máa ṣe é fún ọgọ́rùn-ún ìkànnì. Rìmóòtù DStv yín ò tíì kú. Ẹ sì kíyè sí i: bó bá jẹ́ pé Máì-Fáì ni ẹ ń lò, tí ẹnìkan sì gbé e lọ sí ọ́fíìsì ní Alágbàká láàárọ̀, gbogbo ètò yìí á dákẹ́ títí yóò fi dé.

Ní ti ohùn, ẹ ò kùnà, àmọ́ nǹkan kan wà tó yẹ kí ẹ mọ̀. Dẹkódà náà ní ìwọ̀n ohùn tirẹ̀. Bí tẹlifíṣọ̀n bá ti wà lórí 60, tí ẹ ò sì tíì gbọ́ dáadáa, ẹ fi rìmóòtù DStv gbé ti dẹkódà sókè dé nǹkan bí òkè pátá, kí ẹ wá máa fi tẹlifíṣọ̀n nìkan ṣàtúnṣe. Ẹ lè dárúkọ iye tí ẹ fẹ́:

```
Set volume to 20
```

Bí àwọn ọmọ bá wá ra àpótí ohùn gbọọrọ sí i lọ́jọ́ kan, ẹ ní kí wọ́n fi wáyà HDMI sínú ihò tí wọ́n kọ ARC sí. Bí wọ́n bá lo wáyà optical, èyí tí ẹnu rẹ̀ ń tàn pupa, nọ́ńbà lè máa gòkè lójú tẹlifíṣọ̀n, kí ohùn má sì yí padà rárá. Pẹ̀lú ARC pàápàá, "Volume up" lè ṣiṣẹ́ níbi tí nọ́ńbà pàtó ti kọ̀.

Láti kúrò nínú YouTube padà sí dẹkódà, "Switch to HDMI 1" ló dára jù. Kí ẹ má sọ "decoder" tàbí "DStv" fún un, nítorí ó lè tún fi ìyẹn wá fídíò. Ẹ wo ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n bóyá ihò 1 ni lóòótọ́.

Ó ku ọ̀ràn iná. Ẹ tẹ bọ́tìnnì ohùn lásán. Bí ohùn bá gòkè àmọ́ tí máìkì ò dáhùn rárá, àfàìmọ̀ ni rìmóòtù ò ti já kúrò lára tẹlifíṣọ̀n: ọ̀pọ̀ rìmóòtù ń fi ìtànṣán rán iṣẹ́ ohùn, ṣùgbọ́n Búlútúùtù ni máìkì ń gbà kọjá. Ẹ wọ Settings, kí ẹ wọ Remotes & Accessories, kí ẹ so ó padà; ojú tẹlifíṣọ̀n á sọ bọ́tìnnì tí ẹ máa tẹ̀ mọ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ó gbọ́ yín, àmọ́ tó ń ní kò sí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ kọ́kọ́ fún ráútà láyè kó jí tán, nítorí tẹlifíṣọ̀n lè ṣáájú rẹ̀ jí. Bí ó bá ti tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí kò tíì sí ìyípadà, ẹ lọ wo ọjọ́ àti aago nínú Settings, lábẹ́ System. Tẹlifíṣọ̀n mìíràn máa ń gbàgbé ọjọ́ tí iná bá lọ, tí ọjọ́ bá sì ti ṣì, íńtánẹ́ẹ̀tì kì í gbà á wọlé bí Wáì-Fáì tilẹ̀ ń tàn. Ẹ tún un ṣe sí ọjọ́ òní, kí ẹ sì yan kó máa gba aago láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì.